Ẹ Kọ Góòlù Yín Sílẹ̀ Ní Ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́

Wọ́n ní kí n kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀ kí àwọn tí kò ráàyè wá lè rí i kà. Mo ti kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, ẹ bá mi fi orí jì í níbi tí ẹnu ti já ju kálámù lọ.

Ìyá wa kan ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wá. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe é, torí kì í ṣe ẹjọ́ ni mo wá rò. Olè já ilẹ̀kùn ilé wọn ní ọjọ́ ìsinmi kan nígbà tí gbogbo ilé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò gbé tẹlifíṣọ̀n, wọn ò gbé jẹnẹrétọ̀. Àpótí ìyá ni wọ́n wá. Ìyá ní inṣọ́ránsì lórí ẹrù inú ilé, wọ́n sì ti san owó ọdún náà pé, torí náà ọkàn wọn balẹ̀ díẹ̀. Nǹkan tí wọ́n jí tó míliọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún-ún... ẹ jẹ́ kí n kàn fi nọ́ńbà sọ ọ́ kí n má baà ṣì í: náírà 2,900,000. Owó tí wọ́n san fún ìyá jẹ́ 1,000,000 géérégé. Ìyá ní olè méjì ló ja àwọn, ọ̀kan já ilẹ̀kùn, ọ̀kan wọ táì.

Wọ́n gbé ìwé àdéhùn náà fún mi pé kí n bá àwọn kà á. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má bínú, kò sí olè kejì níbẹ̀. Ohun tí ìwé sọ ni wọ́n ṣe. Ibi tó wà nínú ìwé náà gan-an ni mo fẹ́ fi hàn yín, torí irú gbólóhùn yẹn wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé inṣọ́ránsì ẹrù ilé ní Nàìjíríà yìí, àwọn ará wa tó wà ní ìlú òyìnbó náà sì ní tiwọn.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe inṣọ́ránsì ẹrù ilé, ẹ ó sọ iye tí gbogbo ẹrù inú ilé tó lápapọ̀: bẹ́ẹ̀dì, àga, fíríìjì, aṣọ, ìkòkò, gbogbo rẹ̀. Ìyá kọ náírà 6,000,000. Orí iye yẹn ni wọ́n ti ṣírò owó tí wọ́n ń san lọ́dọọdún. Ìyá wá rò pé, níwọ̀n ìgbà tí góòlù àwọn kò tó míliọ̀nù mẹ́fà, kò séwu. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí bí ìwé ṣe rí. Nínú ìwé náà, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà wẹ́wẹ́ sí, gbólóhùn méjì wà. Àkọ́kọ́ sọ pé kò sí ẹyọ ohun kan tí wọ́n máa kà sí ohun tó ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye gbogbo ẹrù lọ, àyàfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n yọ àga, tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti irú wọn kúrò nínú òfin yìí. Wọn ò yọ ẹ̀ṣọ́ ara kúrò. Èkejì sọ pé gbogbo góòlù, fàdákà àti ẹ̀ṣọ́ ara lápapọ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta iye ẹrù lọ, àyàfi bí wọ́n bá jọ ṣàdéhùn mìíràn. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń lo ìdá kan náà, ẹ wo ti yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ìyá. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún 6,000,000 jẹ́ 300,000. Ìyẹn ni òrùlé lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nǹkan mẹ́rin ni olè kó. Ẹ̀gbà ọrùn góòlù kan wà tó tó 1,800,000; wọ́n san 300,000 lé e. Iyùn okùn kan wà tí ìyá jogún lọ́wọ́ ìyá tiwọn, tó tó 700,000. Wọ́n san 300,000. Òrùka ìgbéyàwó jẹ́ 250,000, kò dé òrùlé, wọ́n san án pé. Yẹtí kan jẹ́ 150,000, wọ́n san ìyẹn náà pé. Ẹ ro ó pọ̀: 300,000 àti 300,000 àti 250,000 àti 150,000. Míliọ̀nù kan gé.

Ṣé ẹ rí i? Òfin ìdámẹ́ta yẹn, tí ì bá jẹ́ 2,000,000, kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá rárá. Òrùlé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló gé wọn. Ohun tó dára jù nínú àpótí ni owó rẹ̀ kéré jù bí a bá fi wé iye rẹ̀, yẹtí kékeré ni wọ́n sì san pé. Bí ìyá bá ti kọ ẹ̀gbà ọrùn àti iyùn yẹn sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú iye kọ̀ọ̀kan, tí ilé-iṣẹ́ sì gbà á, òrùlé yẹn ò ní kan àwọn méjèèjì. Owó ọdún wọn ì bá lé díẹ̀, òótọ́ ni.

Ẹnì kan bi mí léèrè ní ìpàdé pé kí ló dé tí wọ́n ń ṣe báyìí, àbí kí wọ́n má baà sanwó ni? Ó wà níbẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sanwó. Àga mẹ́fà kò ṣeé fi sínú àpò. Olè tó bá wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò lè gbé fíríìjì sá. Góòlù tó tó míliọ̀nù méjì wọ inú ọwọ́ kan ṣoṣo, ó ṣeé tà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n bá sì ti yọ́ ọ, kò sí ẹni tó lè mọ̀ pé ti ta ni. Ohun mìíràn tún ni pé lẹ́yìn tí ó bá ti sọnù, kò sí ohun tó kù láti wò. Bí tẹlifíṣọ̀n bá sọnù, gbogbo ayé mọ iye tí irú rẹ̀ jẹ́ lọ́jà. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbà ọrùn góòlù sọnù, góòlù oníkárátì mélòó? Gíráàmù mélòó? Ojúlówó ni àbí èyí tí wọ́n fi góòlù kùn lára? Ilé-iṣẹ́ ò mọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí ẹ fi hàn àwọn nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Èyí ló gbé wa dé orí ìwé ẹ̀rí iye. Ìwé yìí ni ẹni tó mọ iṣẹ́ góòlù máa kọ lẹ́yìn tó bá ti wo nǹkan yín, tó wọ̀n ọ́n, tó sì dárúkọ iye rẹ̀. Rìsíìtì kì í ṣe ohun kan náà. Rìsíìtì ń sọ iye tí ẹ san lọ́jọ́ tí ẹ rà á, bóyá ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ rìsíìtì ọjà wa sì kàn ń sọ pé “ṣéènì góòlù 1”. Ẹ tọ́jú rẹ̀, ó wúlò láti fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ín, ṣùgbọ́n kò tó.

Mo bá ìyá lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù kan lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ra díẹ̀ padà. Àkọ́kọ́ tí ó fún wa jẹ́ ìlà kan ṣoṣo: “Ẹ̀ṣọ́ góòlù oríṣiríṣi, iye rẹ̀ náírà 2,500,000”, ó sì fọwọ́ sí i. A dá a padà fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tó pa ìyá lára tẹ́lẹ̀, torí bí òrùka kan bá sọnù nínú rẹ̀, ta ló fẹ́ sọ iye tó jẹ́ ti òrùka nínú 2,500,000? Ohun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀ àti iye tirẹ̀.

Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ irú ohun tó jẹ́, kárátì rẹ̀, àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀. Kárátì ń sọ ìpín góòlù tó wà nínú ẹ̀ṣọ́ náà. 24 ni góòlù tí a kò lú mọ́ nǹkan kan. Oníkárátì 18 jẹ́ ìpín 18 nínú 24, èyí tí í ṣe 750 nínú 1,000, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí 750 nínú òrùka, lẹ́bàá ibi tí ìka ń gbà wọlé, tàbí níbi tí wọ́n ti ń dè é. 916 jẹ́ kárátì 22, 375 jẹ́ kárátì 9. Ẹ má fọkàn tán nọ́ńbà yẹn nìkan o, torí ẹni tó ní irin ìtẹ̀ lè tẹ ohun tó wù ú. Kí alágbẹ̀dẹ dán an wò níwájú yín. Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n ní gíráàmù, gígùn rẹ̀, bí òkúta bá wà lára rẹ̀, irú òkúta wo, mélòó, báwo ló ṣe tóbi. Kí fọ́tò rẹ̀ wà pẹ̀lú, kí fọ́tò náà mọ́lẹ̀. Ní ìparí, kí orúkọ ẹni tó wò ó, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọjọ́ tó wò ó àti ìfọwọ́sí rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé iye tí òun kọ jẹ́ iye tí ẹ máa ná láti ra irú rẹ̀ tuntun.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí góòlù kan ṣoṣo ní ju iye kan lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀gbà ọrùn ìyá. Gíráàmù 12 ni, oníkárátì 18. Ìdá mẹ́rin rẹ̀, mẹ́ta ni góòlù, nítorí náà góòlù gidi inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 9. Ká ní gíráàmù góòlù gidi kan jẹ́ 150,000 (àpẹẹrẹ lásán ni o, kì í ṣe iye ọjà òní), 9 lọ́nà 150,000 jẹ́ 1,350,000. Ìyẹn ni iye rẹ̀ bí wọ́n bá yọ́ ọ. Ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín lójú pópó kò tilẹ̀ ní fún yín tó bẹ́ẹ̀, torí òun náà fẹ́ jẹ èrè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù láti ra irú rẹ̀, ẹ ó san owó iṣẹ́ ọwọ́ àti èrè onígóòlù, ó lè dé 1,800,000. Bí alágbẹ̀dẹ bá kọ iye yíyọ́ rẹ̀ sínú ìwé, ẹ ti fi 450,000 sílẹ̀ kí olè tó dé. Bí ó bá sì fẹ́ ṣe yín lóore tó kọ 3,000,000, ẹ máa san owó ọdún lórí míliọ̀nù mẹ́ta, ilé-iṣẹ́ sì lè sọ pé irú rẹ̀ ni àwọn ó rà fún yín, ní iye tí àwọn lè rí i rà. Owó inṣọ́ránsì wà láti fi rọ́pò ohun tó sọnù, wọn kì í fi í jẹ èrè.

Ti iyùn le díẹ̀. Góòlù ṣeé wọ̀n, ó ṣeé dán wò, iye rẹ̀ sì wà lẹ́nu gbogbo ọjà. Iyùn, ojú ló ń wò ó: àwọ̀ rẹ̀, bí ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi, bí wọ́n ṣe dọ́gba, bóyá ojúlówó ni. Alágbẹ̀dẹ góòlù lè má mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹni tó ń ta iyùn ni kó kọ tirẹ̀, kó ka iye ìlẹ̀kẹ̀, kó wọ̀n gbogbo rẹ̀. Kí ẹ sì kọ́kọ́ bi ilé-iṣẹ́ léèrè pé ìwé ta ni àwọn máa gbà kí ẹ tó náwó. Àwọn kan ní ẹni tí àwọn fẹ́ràn kó wò ó. Ẹ máa gbàgbé o, iye tí iyùn ìyá àgbà jẹ́ nínú ọkàn yín kò ṣeé kọ sínú fọ́ọ̀mù, kò sẹ́ni tó máa san ìyẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú fò ni pé ìwé yìí máa ń gbó. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, góòlù kọjá 3,000 dọ́là lórí áńsì kan, èyí tí í ṣe nǹkan bíi gíráàmù 31. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ó kọjá 4,000. Oṣù méje péré! Ẹ wá ro ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí náírà mọ́ ọn láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú u sílẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ jẹ́ ti 2022, ìwé ìtàn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀gbà ọrùn tí ẹ kọ ní 1,800,000 bá ti di 2,400,000 lọ́jà, 1,800,000 ni wọ́n máa san bí ó bá sọnù pátápátá, kò lè kọjá bẹ́ẹ̀. Ó tún kù. Ká ní kò sọnù, ó kàn bàjẹ́, tí àtúnṣe rẹ̀ sì jẹ́ 400,000. Bí òfin ìpín bá wà nínú ìwé yín, wọ́n máa sọ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye rẹ̀ lẹ dá inṣọ́ránsì lé, nítorí náà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àtúnṣe làwọn máa gbé, 300,000. Ẹ̀yin ẹ gbé 100,000 tó kù. Lójú tèmi, bí ọjà ṣe rí lọ́wọ́ yìí, kí ẹ gbé e lọ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí ẹ bá fẹ́ san owó tuntun. Alágbẹ̀dẹ tó ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kò ní gba owó púpọ̀ láti yí iye padà, torí ìwọ̀n kò yí padà.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá sílé ní Kérésì, ti yín nìyí. Inṣọ́ránsì ẹrù ilé, inú ilé ló wà fún. Bí ẹ bá wọ góòlù yín láti Àbújá wá sí ìgbéyàwó ní Kabba, tó sì bọ́ lọ́nà tàbí tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín, inṣọ́ránsì yẹn lè máà tẹ̀ lé yín. Èyí tó ń tẹ̀ lé nǹkan kiri yàtọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ́ọ̀lù-rísìkì, orí rẹ̀ gan-an sì ni kíkọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ dandan. Bí ẹ bá sì fi góòlù sílé, ẹ wo ibi tí ìwé ti sọ̀rọ̀ nípa ilé tí kò séèyàn nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ní iye ọjọ́ kan, tí ilé bá ṣófo kọjá rẹ̀, wọn ò ní san owó olè. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ nílé kọjá Kérésì, kó kọ̀wé sí wọn ṣáájú.

Ẹ̀yin ará wa ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má rò pé ti Nàìjíríà nìkan ni mo ń sọ. Inṣọ́ránsì ilé lọ́dọ̀ yín náà ní òrùlé lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sábà máa ń wà láàárín 1,000 sí 2,000 pọ́n-ùn, ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ dárúkọ. Góòlù tí màámi gbé fún yín nígbà ìyàwó ti lè kọjá ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, torí iye góòlù tó ń lọ sókè ló ń tì í.

Ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. Bí yẹtí kan bá bọ́ tí èkejì kù, ọ̀pọ̀ ìwé máa ń san ti ẹyọ kan náà nìkan, wọn ò ní wo pé ẹyọ kan kò wúlò. Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Bí ẹ bá ti rí ìwé ẹ̀rí iye gbà, ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tàbí bùrókà yín, kí ẹ sì dúró de ìwé tí wọ́n máa fi dáhùn, tí orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó gba ìyẹn, ẹ ò tíì ní nǹkan kan. “A ti rí i, màmá” lórí Wọ́sáàpù kò tó. Kí ẹ san owó tó lé náà pẹ̀lú, torí láti ìgbà òfin inṣọ́ránsì ọdún 2003 ló ti wà nínú òfin wa, ní abala 50, pé ẹni tí kò bá tíì sanwó kò tíì ní ààbò. Kí ẹ má sì tọ́jú ìwé náà sínú àpótí góòlù. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni rìsíìtì ìyá wà, olè kó o lọ pẹ̀lú. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín àti sí ọmọ kan tó wà ní ìlú mìíràn. Ẹ má gbé e sórí gúrúùpù ẹgbẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ó kàn máa júwe ọ̀nà fún olè ni. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì kọ̀ láti san ohun tí ẹ ti kọ sílẹ̀ dáadáa, àjọ ìjọba tó ń bójú tó wọn, NAICOM, ń gba ẹ̀sùn.

Ìyá ti ṣe tiwọn. Alágbẹ̀dẹ tún ìwé náà kọ, ohun mẹ́ta lórí ìlà mẹ́ta. Nígbà tí ìdáhùn ilé-iṣẹ́ dé, wọ́n ti kọ gíráàmù 8 dípò 18 sí ẹ̀gbà ọwọ́ kan. A dá a padà ní ọjọ́ náà, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun ka ìwé tirẹ̀, mo máa wà ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìpàdé tó ń bọ̀. Ìwé nìkan ni kí ẹ mú wá, ẹ fi góòlù sílé.